Mo tẹ́ káàdì lórí ọkùnrin tuntun tí mo pàdé lẹ́yìn tí ti tẹ́lẹ̀ já mi jù sílẹ̀, ẹ bá mi wò ó

Sísí_Àkúrẹ́
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọkùnrin tí a ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rin, tí àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, ló já mi jù sílẹ̀, orí wásáàpù ló ti sọ ọ́ o. Kò ju oṣù méjì lọ tí mo pàdé ẹlòmíì níbi ìgbéyàwó kan ní Alágbàká, ó ń dùn mọ́ mi ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo wá tẹ́ káàdì táró márùn-ún. Èkíní, ohun tí mo gbé bọ̀ láti ẹ̀yìn. Èkejì, ohun tí òun gbé bọ̀. Ẹ̀kẹta, ohun tó wà láàrin wa. Ẹ̀kẹrin, ohun tí mi ò fẹ́ rí. Ẹ̀karùn-ún, ibi tó ń lọ tí a bá ń bá a lọ báyìí. Ohun tó jáde nìyí: Ife Márùn-ún, Ẹlẹ́ṣin Ife, Ife Méjì (ó dorí kodò), Ife Mẹ́fà, Idà Mẹ́rin. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, òkú tó nà gbalaja lórí ibojì ni mo rí níbẹ̀. Mo tún fa ọ̀kan sí i kí ó lè yé mi, Idà Mẹ́ta ló jáde, ọkàn tí idà gún! Ṣé ẹnìkan fẹ́ kú ni àbí kí ni?

Ọmọ_Ẹkìmògún
Sísí má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú, ọ̀rọ̀ ti hàn. Ife Méjì dorí kodò, ìfẹ́ ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́ṣin Ife, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó ń gbé ife ká ilé obìnrin. Ife Mẹ́fà, ti tẹ́lẹ̀ ń padà bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Idà Mẹ́ta ló wá pa á dé, eléyìí náà máa já ẹ sílẹ̀. Tètè sá o.

Sísí_Àkúrẹ́
Ha! Ẹ ti pa mí.

Àǹtí_Aláró
Ọmọ_Ẹkìmògún, o mọ orúkọ káàdì lóòótọ́, n ò bá ẹ jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n o ka márààrún bí ẹni pé wọn ò jókòó síbì kankan. Obìnrin yìí sọ àyè tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà fún wa, ìwọ ò sì fojú kan àyè kankan nínú ẹ̀.

Sísí, ẹnikẹ́ni ò kú, jẹ́ ká ti ibi tó ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Mú Idà Mẹ́rin yẹn dání kí o wò ó dáadáa. Ẹni tó sùn yẹn, ère ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbẹ́ sórí ibojì àwọn ológun wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pàtẹ́wọ́ mọ́ra bí ẹni tó ń gbàdúrà, fèrèsé aláwọ̀ mèremère wà lókè lápá kan. Wá ka àwọn idà yẹn. Mẹ́ta wà lára ògiri lókè orí ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó yá, gbé Idà Mẹ́ta tí o fà ṣìkejì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mélòó ló wà nínú ọkàn yẹn? Mẹ́ta. Nínú òǹkà idà, mẹ́ta ló ṣáájú mẹ́rin, èmi ò sì lè wo méjèèjì pa pọ̀ kí n má rò pé àwọn idà tó wà nínú ọkàn yẹn ni wọ́n ti yọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Wọn ò tíì kó wọn jáde nínú ilé o, wọ́n ṣì wà lókè orí ẹ tí wọ́n dojú kọ ẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ara mọ́.

Káàdì tí èèyàn bá fà láti fi tan ìmọ́lẹ̀ sí òmíràn, ẹrú káàdì tó lọ bá ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ ìdí tí Idà Mẹ́rin fi wà níbẹ̀, kì í ṣe kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí mo bá bi í pé ìsinmi kí ni eléyìí, ó dá mi lóhùn pé ìsinmi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lọ́kàn. O ti sọ ìyẹn fún wa fúnra ẹ kí o tó dárúkọ káàdì kankan.

Díákónì_Òkè
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jáwọ́ nínú nǹkan òkùnkùn. Àwọn abọ̀rìṣà Íjíbítì ayé Fáráò ló ni káàdì yẹn, ẹ wá ń gbé e wọ ilé yín. Sísí, gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Ọlọ́run á fi ọkọ ẹ hàn ẹ́.

Àǹtí_Aláró
Sà, ẹ ṣeun, ààwẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Íjíbítì yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ayò ni wọ́n ń fi káàdì yìí ta ní Ítálì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, bí a ṣe ń ta wọ́ọ̀tì báyìí. Òyìnbó Faransé kan ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1781 pé ti Íjíbítì ni, tí àwọn èèyàn sì gbà á gbọ́ láì rí ẹ̀rí kankan. Àwòrán tí Sísí ń wò yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Pamela Colman Smith ló yà á, 1909 ni wọ́n gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan àná ni sà.

Díákónì_Òkè
Tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti ṣe tèmi.

Mọ́mì_Ìbejì
Sísí mi pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ gbà ni ṣùgbọ́n padà sílé ẹ, ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, kí obìnrin má torí ọkùnrin tó pàdé ní páátì fi ilé ẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà rí i lọ́dọ̀ bàbá àwọn ìbejì, obìnrin kan ní Oǹdó níhìn-ín ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, mo dúró gbọin. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ́ tèmi náà bóyá obìnrin yẹn ti lọ.

Sísí_Àkúrẹ́
Mọ́mì, òun ló fi mí sílẹ̀ o, kì í ṣe èmi 😭

Mọ́mì_Ìbejì
Áà, mo kà á lódì, máa bínú. Àmọ́ Àǹtí, tèmi ńkọ́?

Bọ̀dá_Fọlá
Mo ti ń ka káàdì tó ọjọ́ mẹ́ta kan, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo gba ohun tí Àǹtí wí lórí Idà Mẹ́rin. Ife Méjì tó dorí kodò yẹn ni mo fẹ́ bèèrè nípa ẹ̀. Sísí, báwo lo ṣe po káàdì yẹn pọ̀? Ǹjẹ́ o ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé tí ọ̀kan bá dorí kodò wàá kà á yàtọ̀?

Sísí_Àkúrẹ́
Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo da gbogbo ẹ̀ sí tí mo fi ọwọ́ rò ó kiri, tí mo wá ń he é. N ò pinnu nǹkan kan sà, bí mo ṣe ṣí i ló dorí kodò.

Bọ̀dá_Fọlá
Èmi ò ní kà á sí nígbà náà. Ẹni tó bá da káàdì méjìdínlọ́gọ́rin sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń rò ó kiri, bí ìdajì ẹ̀ á ṣe dorí kodò nìyẹn, kò túmọ̀ sí ohunkóhun àfi tí èèyàn bá ti bá ara ẹ̀ ṣàdéhùn kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi á yí i padà sí bó ṣe yẹ, màá kà á bí Ife Méjì gidi. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n dúró ní ìdọ́gba, oníkálukú mú ife dání, wọ́n kọjú síra. Ìfẹ́ wà níbẹ̀.

Àǹtí_Aláró
Níbí yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín, Bọ̀dá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ ni màá kà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Ọmọ_Ẹkìmògún ṣe kà á o, dídorí kodò kì í sọ ìfẹ́ di ìkórìíra. Tí ife bá dorí kodò, ohun tó wà nínú ẹ̀ á dà, ojú lásán ni mo fi ń wo ìyẹn. Nínú àwòrán yẹn, ohun tó gbé e ró ni pé àwọn méjèèjì ń fún ara wọn ní iye kan náà. Tó bá ti dorí kodò láàrin ẹni tuntun méjì, ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé ẹnìkan ń bu fúnni ju ẹnì kejì lọ, tàbí pé ẹnìkan ò tíì ní nǹkan kan nínú ife tirẹ̀. Wo káàdì àkọ́kọ́ ẹ kí o sọ fún mi, Sísí, ife ta ló ti dànù?

Sísí_Àkúrẹ́
Tèmi 🥺

Bọ̀dá_Fọlá
Ìyẹn ni pé Ife Márùn-ún ló sọ ọ́, kì í ṣe pé Ife Méjì dorí kodò. Ẹ lè dé ibi tí ẹ dé yẹn láì ka orí kodò rárá.

Àǹtí_Aláró
Ó ṣeé ṣe o. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ọmọ_Awo_Ìdànrè
Ẹ bùn mí láàyè díẹ̀. Ilé awo ni wọ́n bí mi sí, ohun tí kò yé mi nínú káàdì yín yìí nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa tí odù bá jáde tí a rí i pé ibi ni, babaláwo ò ní fi ẹnu ara ẹ̀ sọ irú ibi tó jẹ́, á gbé ìbò sílẹ̀, á bèèrè bóyá ikú ni, àrùn ni, òfò ni, ìjà ni, títí tí ọ̀kan á fi jẹ́. Ẹ̀yin rí Idà Mẹ́ta, ìkan ní ìjásílẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ìkan ní èyí tó ti kọjá ni. Kí ló ń bá yín là á?

Àǹtí_Aláró
Ìbéèrè gidi lo bi mí yẹn. A ò ní ìbò. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa ni àyè tí a ti dárúkọ kí á tó ṣí káàdì, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi bínú sí Ọmọ_Ẹkìmògún lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ àyè ohun tí mo gbé bọ̀ láti ẹ̀yìn ni Idà Mẹ́ta jókòó sí, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá jẹ́ àyè ibi tó ń lọ fúnra ẹ̀, èmi náà á ní kí ó ṣọ́ra. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Sísí fà á láì fún un ní àyè kankan, ó kàn ní kó yé òun. Káàdì tí kò ní àyè, bí ẹ̀rù bá ṣe ń ba èèyàn ló ṣe máa kà á.

Ẹbọ náà kò sí lọ́dọ̀ wa, o ò tíì bèèrè ìyẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọmọ_Awo_Ìdànrè
😂😂 Ẹ ti mọ̀ mí.

Ọmọ_Ẹkìmògún
Kò burú, mo gbà lórí ti Idà Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ife Mẹ́fà ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹni àtijọ́ ni káàdì yẹn. Ibi gbogbo tí mo ti kà á, ti tẹ́lẹ̀ ń padà bọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àǹtí_Aláró
Ẹni àtijọ́ ni lóòótọ́, o jàre ibẹ̀. Bó ṣe wà nínú àwòrán: ọmọdé méjì nínú àgbàlá ilé àtijọ́ kan, èyí tó dàgbà ń na ife tí òdòdó funfun wà nínú ẹ̀ sí èyí tó kéré. Inú ilé ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn-àjò bọ̀. Kódà àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn tó mú ọ̀kọ̀ dání, ṣe ló ń rìn lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ní ẹnìkan ń bọ̀. Àyè tó jókòó sí sì ni ohun tí mi ò fẹ́ rí. Tí èmi bá ń kà á fún un lójúkojú, n ò ní sọ pé ọkùnrin yẹn ń padà bọ̀, màá bi í pé apá wo nínú ilé yẹn ni òun ṣì ń gbé.

Sísí, o ò ní láti dá mi lóhùn ní gbangba.

Sísí_Àkúrẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ Àǹtí, kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbí. Mọ́mì ẹ̀ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Títí di Sátidé tó kọjá mo ṣì ń lọ bá wọn ká aṣọ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó mi, n ò sì sọ fún wọn pé a ti pínyà nítorí mo mọ̀ pé òun náà ò tíì sọ fún wọn. Ọkùnrin tuntun yìí ò mọ̀. Ó máa ń pè mí láago mẹ́fà tí mo bá wà níbẹ̀, mi ò kì í gbé e, màá ní mo wà ní ibi iṣẹ́.

Bọ̀dá_Fọlá
Háà.

Ọmọ_Ẹkìmògún
Èmi ti dákẹ́ o. Káàdì yẹn jáde dáadáa.

Àǹtí_Aláró
Ó ṣeun tí o sọ ọ́. Wá jẹ́ ká ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ báyìí, torí kíka ìkọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹ̀rù sílẹ̀.

Kọ́kọ́ wò ó lápapọ̀. Mẹ́rin nínú márùn-ún, ife ni. Ife ni ti ọ̀rọ̀ ọkàn, ti ẹkún, ti ìfẹ́ àti ìrántí. Owó-ẹyọ kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ owó-ẹyọ ló ń sọ nípa ilé, iṣẹ́, oúnjẹ, ohun tí èèyàn ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀pá náà ò sí. Nínú àwọn àgbà káàdì méjìlélógún, ẹyọ kan ò jáde. Ní tèmi, ohun tí mo rí ni pé ìmọ̀lára pọ̀ láàrin ẹ̀yin méjèèjì, nǹkan tí ẹ ti jọ ṣe ò tíì pọ̀. N ò pè é ní àbùkù, oṣù mélòó ni gbogbo ẹ̀.

Ife Márùn-ún ní àyè tìrẹ. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú tó tẹrí ba, ife mẹ́ta dà sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Nígbà tí o ń wo káàdì yẹn, ǹjẹ́ o rí i pé ife méjì ṣì dúró lẹ́yìn ẹ̀? Afárá kan sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún tó gba orí odò lọ sí ilé kan.

Sísí_Àkúrẹ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé e ni. Méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mẹ́ta nìkan ni mo rí látọjọ́ yìí.

Àǹtí_Aláró
Bí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ṣe máa ń kà á nìyẹn. Mo rò pé ọ̀kan nínú méjì yẹn ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n o kọ ẹ̀yìn sí i, ohun tó dà lo ń wò.

Ó kan Ẹlẹ́ṣin Ife. Ẹni tó sọ pé oníṣekúṣe ni, kò rí i nínú àwòrán. Ẹṣin ẹ̀ ń rọra rìn ni, kò sáré bíi ti Ẹlẹ́ṣin Idà, ó na ife síwájú bí ẹni tó ń gbé nǹkan lọ fún èèyàn. Odò kékeré kan wà níwájú ẹṣin yẹn, kò tíì sọdá. Ìyẹn ni mo fi ń ka irú ẹni bẹ́ẹ̀: ó ti sọ ọ̀rọ̀ dídùn, ó ti na ọwọ́, ìṣe ṣì wà lódì kejì odò. Mo tún fẹ́ fi èyí kún un, ọkùnrin yìí kò sí níbi tí o ti tẹ́ káàdì, kò bèèrè nǹkan kan. Ohun tó jáde ní àyè ẹ̀, bí ìwọ ṣe ń rí i ni. N ò lè tibẹ̀ mọ inú ẹ̀, ẹni tó bá sì ní òun lè mọ̀ ọ́n, ẹ fọgbọ́n gbọ́ ọ. Ìṣe ẹ̀ ni kí o wò. Ǹjẹ́ ohun tó lóun máa ṣe lọ́jọ́ báyìí, ó ń ṣe é?

Sísí_Àkúrẹ́
Èyí tó ṣe ju èyí tó sọ lọ. Ó lóun á wá tún tápù ilé mi ṣe, ó wá. Ó ti ní kí n wá kí àǹtí òun ní Ìdànrè lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mò ń wá àwáwí.

Àǹtí_Aláró
Á jẹ́ pé ó ti ń sọdá odò, ìwọ lo wà lódì kejì tó o ò fẹ́ kó dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka Idà Mẹ́rin ní àyè ibi tó ń lọ bí ibi ìsinmi. Tí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ìbáṣepọ̀ yìí á di ibi tí o sùn sí kí ọgbẹ́ ẹ jinná. Ó lè ṣe ẹ́ láǹfààní gan-an. Ọkùnrin yẹn ni n ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé ibùsùn lòun.

Bọ̀dá_Fọlá
Èmi kà á yàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, Àǹtí. Ẹni tó wà lórí ibojì yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kejì nínú káàdì yẹn. Ohun tí mo rí ni pé nǹkan náà á dúró sójú kan, kò ní já, kò ní lọ síwájú, títí obìnrin yìí á fi rí àyè dá wà. Á máa gba ìpè lọ́jọ́ kan, kò ní gbà á lọ́jọ́ kejì, oṣù á máa lọ. Tó bá jẹ́ tìyín ló tọ́, wàá rí i pé ara máa ń tù ú tó bá wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, á sì máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ tèmi, ìgbà tí ọkùnrin yẹn ò bá sí lọ́dọ̀ ẹ̀ ni ara máa ń tù ú jù.

Sísí_Àkúrẹ́
Méjèèjì ni sà. Ó dá lórí ọjọ́.

Bọ̀dá_Fọlá
Ó dáa, kò tíì dájú nìyẹn.

Ọmọ_Ẹkìmògún
Kó tún un tẹ́ lọ́la, kó wò ó bóyá ohun kan náà á jáde.

Àǹtí_Aláró
Rárá o. Tó bá tún un tẹ́ lọ́la, márùn-ún òmíràn ni á jáde, á tún dẹ́rù bà á, á tún fa ìkẹfà, ìkeje, títí yóò fi rí èyí tó wù ú, á wá mú ìyẹn. Mo ti rí ẹni tó ń tẹ́ ẹ láàárọ̀, tó ń tẹ́ ẹ lálẹ́ lórí ọkùnrin kan ṣoṣo, kò mọ èyí tó máa gbà gbọ́ mọ́. Ní tèmi, àfi tí nǹkan kan bá yí padà. Nǹkan tó lè yí padà níbí ò ju ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba yẹn lọ. Tó o bá ti sọ òótọ́ fún ìyá yẹn, tàbí tí o bá ti jẹ́ kí ọkùnrin yìí mọ̀ pé o ń lọ síbẹ̀, ó ku bí oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ kí o tó tún káàdì gbé. Má wá béèrè pé ṣé ó fẹ́ràn mi o. Àyè kejì yẹn náà, yí i padà, fi ohun tí o lè rí lójú dípò ẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ohun tó ti ṣe fún mi tí mi ò tíì gbà.

Sísí_Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun Àǹtí. Ti ìyá yẹn ló nira jù. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Mọ́mì_Ìbejì
Jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló fi já ẹ, kó fi ẹnu ẹ̀ náà sọ ọ́ nílé.

Àǹtí_Aláró
Mọ́mì sọ̀rọ̀ síbẹ̀ o.

Sísí_Àkúrẹ́
Màá ránṣẹ́ sí i lálẹ́ yìí, màá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí kò bá sọ ọ́ màá lọ sọ ọ́.

Ọmọ_Awo_Ìdànrè
Kí o sì wá kí àǹtí yẹn ní Ìdànrè 😂

Mọ́mì_Ìbejì
Ó dáa, ó ti kan èmi báyìí. Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bèèrè.

Àǹtí_Aláró
Mọ́mì, ẹ ṣí tiyín lọ́tọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an síbẹ̀. Kì í ṣe obìnrin yẹn o, ẹ̀yin.